Alẹ́ mẹ́jọ nítorí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo: báwo ni kí a ṣe to ọjọ́ wa?

Àkànní Alárìnkiri

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù ní Anfield, ní Liverpool. Alẹ́ mẹ́jọ péré la ní. Ètò ìdíje tó jáde ní oṣù kẹfà sọ pé Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá ni, aago 3 ọ̀sán. Èrò mi ni pé kí a balẹ̀ ní Jímọ̀, kí a wo bọ́ọ̀lù ní Sátidé, kí a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ìyàwó mi kì í ṣe ẹni bọ́ọ̀lù rárá. Òkun àti ilé olódi àtijọ́ ló ń wá. Kí n tó sanwó, ṣé ètò yìí dára?

Ọmọ Pápá

Ó dára gan-an, ẹ sanwó yín. Aago 3 Sátidé ló fini lọ́kàn balẹ̀ jù. Nílùú Ọba, wọn kì í fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ aago 3 Sátidé hàn lórí tẹlifíṣọ̀n wọn. Láti aago 2:45 títí di 5:15 ni wọ́n ti fòfin dè é tipẹ́tipẹ́, kí àwọn èèyàn má baà jókòó sílé kí pápá máa ṣófo. Tẹlifíṣọ̀n ló sì ń ti ọjọ́ bọ́ọ̀lù síwá sẹ́yìn. Èyí tí wọn ò lè fi hàn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Ìrìnàjò

Àbúrò mi Àkànní, jọ̀wọ́ má tíì sanwó yẹn.

Ọmọ Pápá, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Òótọ́ ni pé wọn kì í fi ti aago 3 hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò Príímíà Líìgì bá kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n kọ aago 3 Sátidé sí. Wọ́n kàn fi dí àyè mú ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn tẹlifíṣọ̀n á wá mú èyí tó wù wọ́n, èyí tí wọ́n bá sì mú ni yóò kúrò ní aago 3. Ó lè bọ́ sí Jímọ̀ aago 8 alẹ́. Ó lè jẹ́ Sátidé aago 12:30 tàbí 5:30. Ó lè jẹ́ Sọ́ńdè aago 2 tàbí 4:30, ó sì lè jẹ́ Mọ́ńdè aago 8 alẹ́. Liverpool wà lára àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń mú jù lọ, nítorí náà, ká kúkú gbà pé aago 3 yẹn kò ní dúró.

Tẹlifíṣọ̀n nìkan kọ́ o. Bí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì bá gbá Yùrópà Líìgì ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Sọ́ńdè ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì wọn sábà máa ń bọ́ sí, kí wọ́n lè sinmi. Ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ràn nìkan làwọn èèyàn máa ń wò. Ẹ wo ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ wá bá wọn gbá náà.

Wàyí o, fi ọ̀rọ̀ yìí wé ètò rẹ. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí Sọ́ńdè aago 4:30, inú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lo máa wà, tíkẹ́ẹ̀tì pápá á wà lórí fóònù rẹ. Bó bá bọ́ sí Mọ́ńdè, o ti sùn alẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyẹn ni pé wàá ti ná gbogbo owó náà, o ò sì ní rí ohun tó gbé ẹ kúrò nílé.

Àkànní Alárìnkiri

Háà! Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ èyí rárá. Ìgbà wo ni wọ́n wá ń kéde ọjọ́ gidi? Bí mo bá dúró dè wọ́n, ṣé owó ọkọ̀ òfurufú ò ní ti fò sókè?

Ẹ̀gbọ́n Ìrìnàjò

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n sábà ń kéde. Ti oṣù kẹjọ máa ń tètè jáde, kété lẹ́yìn ètò fúnra rẹ̀. Ti oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ló máa ń pẹ́ jù, nítorí wọ́n ń wo ẹni tó kù nínú ìdíje Yúróòpù. Nínú oṣù kẹwàá tìrẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí díẹ̀ lé.

O ò nílò láti dúró. Ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú rẹ báyìí, ṣùgbọ́n má kà á mọ́ Sátidé. Gbogbo ibi tí bọ́ọ̀lù yẹn lè bọ́ sí, láti alẹ́ Jímọ̀ dé alẹ́ Mọ́ńdè ni. Alẹ́ mẹ́rin yẹn ni kó o fi sí Liverpool, kó o sì máa pè wọ́n ní ọjọ́ tó lè yẹ̀. Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tó dúró. Ohunkóhun tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà, irú bíi òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú tàbí ọkọ̀ ojú irin tó ní aago kan pàtó, ọjọ́ tó dúró ni kó o fi wọ́n sí. Nínú ọjọ́ tó lè yẹ̀, ohun tó o bá lè ṣe lónìí tàbí lọ́la láìsan owó tuntun ni kó wà níbẹ̀.

Àṣàkẹ́ Olólùfẹ́ Pápá

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Tó bá jẹ́ ìlú lẹ fẹ́ wò, èmi á ní kẹ́ ẹ má jókòó sí pápá kan. Everton ti kó lọ sí pápá tuntun létí omi ní Bramley-Moore Dock láti ọdún 2025, ẹ̀bá ìlú Liverpool náà ni. Ẹ wò ó. Kẹ́ ẹ wá gba Manchester lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bọ́ọ̀lù, National Football Museum, kẹ́ ẹ tún wo Old Trafford. Ọjọ́ mẹ́rin á kún dẹ́dẹ́.

Àkànní Alárìnkiri

Àǹtí mi, ẹ ṣeun, èmi ì bá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ò ní bá mi lọ sí pápá kejì láéláé. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la jọ fẹnu kò sí. Ọjọ́ yòókù, tirẹ̀ ni: òkun, ilé olódi, Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ mẹ́rin ní Liverpool fún ẹni tí kò fẹ́ bọ́ọ̀lù, ṣé kò ní sú u?

Ẹ̀gbọ́n Ìrìnàjò

Kò ní sú u. Ìlú yẹn ní ohun púpọ̀ láyìíká rẹ̀ tí ọkọ̀ ojú irin ń lọ sí láàárín wákàtí kan tàbí méjì, tí kò sì sí èyí tó nílò kó o ti sanwó sílẹ̀. Jẹ́ kí n to ọjọ́ yín sílẹ̀ bí èmi ṣe máa tò ó.

Ẹ balẹ̀ ní Manchester ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kẹ́ ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbé yín padà láti Lọ́ńdọ̀nù ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò pọn dandan kí ẹ balẹ̀ kí ẹ sì gbéra ní pápákọ̀ kan náà, ìyẹn á gbà yín lọ́wọ́ pípadà sẹ́yìn. Láti Manchester Airport, ọkọ̀ ojú irin wà tó ń lọ tààrà sí Liverpool Lime Street, díẹ̀ ló fi lé ní wákàtí kan. Alẹ́ márùn-ún ní Liverpool: Ọjọ́bọ̀, Jímọ̀, Sátidé, Sọ́ńdè, Mọ́ńdè. Òtẹ́ẹ̀lì kan náà ni, ẹ má ṣí kiri. Láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, ẹ gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni dé ibùdókọ̀ Euston. Alẹ́ mẹ́ta níbẹ̀. Mẹ́jọ pé.

Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi kún ọjọ́ tó lè yẹ̀. Èkíní ni Crosby. Etíkun ni, ère irin bí ènìyàn, ọgọ́rùn-ún kan, ni Antony Gormley tò sínú iyanrìn níbẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí òkun, omi á bò wọ́n, á tún fi wọ́n sílẹ̀. Láti Liverpool Central, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Blundellsands & Crosby, bí ogún ìṣẹ́jú. Ìdajì ọjọ́ tó fún un. Ẹ wo aago tí omi ń kún kí ẹ tó lọ, ẹ má sì tẹ̀ lé àwọn ère tó jìnnà jáde sínú ẹrẹ̀.

Èkejì ni Chester, bí ìṣẹ́jú 45. Odi ìlú tí àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ ṣì yí ìlú náà ká, orí odi gan-an lẹ máa rìn, kìlómítà mẹ́ta tàbí díẹ̀ lé. Ẹ̀kẹta ni ilé olódi tí ìyàwó rẹ ń wá: Conwy, ní Wéèlsì, tí Ọba Edward Kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1283. Ẹ gba Chester kọjá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Llandudno Junction, ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá. Odidi ọjọ́ kan ni ti ìyẹn, ẹ má fi sí ọjọ́ bọ́ọ̀lù.

Ẹ wá wo bó ṣe ń yí. Bí bọ́ọ̀lù bá dúró sí Sátidé aago 3, Conwy bọ́ sí Jímọ̀ tàbí Mọ́ńdè, Crosby bọ́ sí Sọ́ńdè. Bó bá lọ sí Sọ́ńdè aago 4:30, Conwy ní Sátidé, Chester ní Mọ́ńdè, kẹ́ ẹ sì rọra rìn nínú ìlú láàárọ̀ Sọ́ńdè, láti kàtídírà kan dé èkejì lórí Hope Street. Bó bá lọ sí Mọ́ńdè aago 8 alẹ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ ní ṣáájú rẹ̀. Kò sí owó kan tó ṣòfò nínú gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Pápá

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí aago 3. Mo ti rí i báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dá ìbéèrè kan sílẹ̀: kí ló dé tí wọn ò fi Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú, kí bọ́ọ̀lù wá gbẹ̀yìn? Béèyàn bá ti wo bọ́ọ̀lù tán lọ́jọ́ kejì, ìrìn-àjò yòókù kì í dùn mọ́. Èmi fẹ́ kó wà níwájú mi, kí n máa retí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìrìnàjò

Ohun tó o sọ yìí ní ìtumọ̀, mi ò ní jà ọ́ níyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe àwọn mìíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wọ Lọ́ńdọ̀nù ní Ìṣẹ́gun, kí wọ́n dé Liverpool ní Jímọ̀ ọ̀sán, kí ọkọ̀ òfurufú ìpadàbọ̀ wọn má gbéra ṣáájú ọ̀sán Ìṣẹ́gun. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Mọ́ńdè alẹ́ kì í tán títí aago fi ń lọ sí 10. Ọkọ̀ òfurufú àárọ̀ kùtù lọ́jọ́ kejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di alẹ́ àìsùn. Èmi ti máa ń fi àwọn ọjọ́ tó lè yẹ̀ ṣáájú, nítorí pé lẹ́yìn wọn, ọkàn mi á ti balẹ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan ló mọ èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú àjọsọ o. Bọ́ọ̀lù kọ́ ni tèmi, àjọ̀dún orin ni, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kan ara wọn. Àjọ̀dún ọlọ́jọ́ márùn-ún kan lórí pápá oko ni mo lọ, inú àgọ́ la sùn. Ọjọ́ àjọ̀dún kì í yẹ̀ bíi ti bọ́ọ̀lù, ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti ń kéde rẹ̀. Ara èèyàn ló ń yẹ̀.

Sọ́ńdè alẹ́ ni orin parí. Mo ti sanwó sílẹ̀ fún ìrìn àbẹ̀wò ìlú ní aago 10 àárọ̀ Mọ́ńdè, ní ìlú ńlá tí bọ́ọ̀sì ń gbà lọ fún wákàtí mẹ́ta. Kí a tó ká àgọ́, kí a tó tò sórí ìlà bọ́ọ̀sì, kí ìlà tó sún, aago 1 ọ̀sán ti lù. Gbogbo èèyàn tó fi ọjọ́ mẹ́ta wọlé díẹ̀díẹ̀ ló fẹ́ jáde láàárọ̀ kan náà. Owó àbẹ̀wò yẹn wọmi. Nígbà tí mo sì dé ìlú ńlá, mo sùn títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ mi wú, ohùn mi ti lọ.

Láti ìgbà náà, alẹ́ tó tẹ̀ lé àjọ̀dún, ìlú kékeré tó sún mọ́ pápá jù ni mo ń sùn. Ilé ìwẹ̀, ibùsùn gidi, ibi tí wọ́n ti lè fọ aṣọ. Mi ò fi nǹkan kan sí Mọ́ńdè yẹn. Ìṣẹ́gun ni mo tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìlú.

Àkànní Alárìnkiri

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ yín ti là mí lójú. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí wọ́n ṣe ń jáde ní pápá bọ́ọ̀lù náà nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n Ìrìnàjò

Kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Anfield ń gba èèyàn tó tó 61,000, ojú pópó kékeré ló sì yí i ká. Bọ́ọ̀sì kì í lè rìn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn fèrè ìkẹyìn. Láti pápá sí Lime Street, bí kìlómítà mẹ́ta ni, ìrìn ìṣẹ́jú 45 tàbí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yá mi lára láti rìn ín, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń rìn ín. Má bá ìyàwó rẹ dá aago oúnjẹ alẹ́ tó sún mọ́ fèrè ìkẹyìn. Fi wákàtí kan ààbọ̀ sílẹ̀. Àpò ńlá pẹ̀lú ò ní wọlé, fi sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Bó o bá fẹ́ rí inú pápá dáadáa, ìrìn àbẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ kì í wáyé bó ṣe yẹ ní ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, nítorí náà má fi sí ọjọ́ kan náà.

Ohun kan tún wà tí mo gbàgbé. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. Èyí tí wọ́n kọ Advance sí lára, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún. Bó o bá pàdánù rẹ̀, o máa ra òmíràn. Ó dára fún Ìṣẹ́gun tìrẹ, nítorí pé Ìṣẹ́gun kì í yẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ Off-Peak sí wọ́n jù díẹ̀, ṣùgbọ́n o lè wọ ọkọ̀ tó bá wù ọ́ lẹ́yìn wákàtí èrò. Ìyẹn ni ti Chester àti Conwy, a sì máa ń rà á lọ́jọ́ náà gan-an. Mo tún fẹ́ràn Ìṣẹ́gun nítorí pé Sọ́ńdè ni wọ́n sábà ń tún ojú irin ṣe nílùú Ọba, ọkọ̀ á sì máa gba ọ̀nà yípo tàbí kí wọ́n kó èrò sínú bọ́ọ̀sì.

Gbénga Ará Òkè

Ẹ dákun, èmi ń wo oṣù kẹta ní tèmi. Ṣé ètò alẹ́ mẹ́rin yìí ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú? Ọ̀rẹ́ mi kan sì sọ pé òun á bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnì kan lórí ìkànnì, ó ní ẹni náà kò ní lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ìrìnàjò

Oṣù kẹta le. Ní àsìkò yẹn ni àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ Carabao Cup máa ń wà, ní oṣù kẹta tàbí òpin oṣù kejì. Bí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì bá dé àṣekágbá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì wọn ti òpin ọ̀sẹ̀ yẹn á kúrò pátápátá, ó lè di ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó gbá a. Alẹ́ mẹ́rin ò lè gbà ọ́ níbẹ̀. Bó o bá lè yí oṣù padà, yí i. Bí o kò bá lè yí i, ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ń gbà láti tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe.

Ti ìkànnì yẹn, má ṣe é. Ní Ẹńgíláǹdì àti Wéèlsì, láti òfin ọdún 1994 ni títún tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù tà láìgba àṣẹ ẹgbẹ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń tà ló rú òfin, ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n máa dá padà lẹ́nu ọ̀nà bí tíkẹ́ẹ̀tì náà bá di èyí tí wọ́n fagi lé. Di ọmọ ẹgbẹ́, kó o tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n ń ta fún ọmọ ẹgbẹ́, tàbí ra tíkẹ́ẹ̀tì àyè pàtàkì tí wọ́n ń pè ní hospitality lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó dájú.

Ọmọ Pápá

Gbénga, bó bá jẹ́ ọjọ́ tó dájú lò ń wá, ọjọ́ ìkẹyìn líìgì ni. Sọ́ńdè ni, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń bẹ̀rẹ̀ ní aago kan náà, láti oṣù kẹfà tó ṣáájú ni ọjọ́ náà ti wà nílẹ̀. Èyí dá mi lójú.

Ẹ̀gbọ́n Ìrìnàjò

Òótọ́ ni, o gbà á. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn ló kàn ṣòro rí.

Àkànní Alárìnkiri

Ẹ̀gbọ́n, mo ti rà á. Manchester ní Ọjọ́bọ̀, Lọ́ńdọ̀nù ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Òtẹ́ẹ̀lì Liverpool, èyí tí wọ́n ń dá owó rẹ̀ padà ni mo mú, alẹ́ márùn-ún. Ti Lọ́ńdọ̀nù, mo san gbogbo rẹ̀ tán. Ìyàwó mi ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, Conwy ló ń sọ láti àárọ̀. Òun ló wá béèrè pé bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí Sátidé, tí òjò sì rọ̀ ní Jímọ̀ àti Mọ́ńdè ńkọ́, ṣé a lè lọ Conwy ní Sọ́ńdè kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà?

Ìyá Ìbejì

Sọ fún un pé kó mú aṣọ òjò, kó lọ ní Jímọ̀. Òjò kì í lé èèyàn kúrò nínú ilé olódi.

Ẹ̀gbọ́n Ìrìnàjò

Ó ṣeé ṣe ní Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ etíkun Wéèlsì máa ń dín kù gan-an lọ́jọ́ náà, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ wo ètò ọkọ̀ ìpadàbọ̀ kí ẹ tó wo ti ìlọ, kẹ́ ẹ sì mọ ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn láti Llandudno Junction sórí. Bí ọjọ́ bọ́ọ̀lù bá ti jáde, padà wá sọ fún wa níbí, ká jọ tò ó.